Bí mo ṣe fi kádíbọ́ọ̀dù àti ọ̀dà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kànga fún ìpàdé ìlú

Wolé-wolé ni mí ní agbègbè Ìbàràpá. Baálẹ̀ ìlú kan ló ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wa pé kí ẹnìkan wá bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí omi kànga, nítorí ìgbẹ́ gbuuru máa ń da ọ̀pọ̀ ilé láàmú bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Gbàgede ààfin ni ìpàdé máa wáyé, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kò sí iná níbẹ̀. Ká tilẹ̀ rí jẹnẹrétọ̀ yá, àwòrán tí a bá fi ẹ̀rọ tàn sára aṣọ funfun kì í hàn lójú oòrùn. Mo pinnu pé ọwọ́ ni màá fi ya gbogbo ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí, kó tóbi dáadáa, kí n sì máa ṣí i fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí n tó mú pẹ́ńsù rárá, mo lọ sí gbàgede yẹn, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn pátápátá, mo wo ibi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ máa ń dúró. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ mítà 15, ìyẹn bí àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ni mò ń yàwòrán fún. Àwọn tó ń kọ pátákó mọ̀ pé lẹ́tà tó ga ní ínṣì kan rọrùn láti kà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, pé tó bá ti tó ọgbọ̀n, ojú á ti máa wá a. Bí mo bá tẹ̀ lé ti ìrọ̀rùn, lẹ́tà mi gbọ́dọ̀ ga ní ínṣì márùn-ún, kò sì ní í ku àyè fún àwòrán. Mo mú ínṣì mẹ́ta, mo sì ṣòfin fún ara mi pé ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ lórí ìwé kan. Mo kọ ọ̀rọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, mo gbé e kọ́ sára ògiri, mo ní kí bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún máa rìn sẹ́yìn títí kò fi ní í lè kà á mọ́. Ó kọjá mítà 15 dáadáa, ọkàn mi balẹ̀.

Kádíbọ́ọ̀dù funfun tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ìwé jẹ́ ínṣì 22 sí 28. Mo to méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ wọ́n pọ̀ láti ẹ̀yìn, ó di ínṣì 44 ní fífẹ̀, 28 ní gíga. Ìdí tí mo fi jẹ́ kó fẹ̀ dípò kó ga ni orí àwọn èèyàn. Ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, orí rẹ̀ ga tó bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, nítorí náà ohunkóhun tó bá wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, àwọn ìlà iwájú nìkan ló máa rí i. Mo ní kí káfíńtà kan kan igi méjì, kó fi ọ̀pá dábùú wọn lókè ní ẹsẹ̀ bàtà méje. Bí ìwé mi bá rọ̀ sórí ọ̀pá yẹn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á wà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ínṣì mẹ́jọ, ọwọ́ mi á sì tó òkè rẹ̀ láìgun àpótí. Ká ní mo gbé e dúró ni, bóyá kí ìsàlẹ̀ sá sẹ́yìn orí èèyàn tàbí kí òkè kọjá ọwọ́ mi. Òrùka kọ́tìnì ni mo fi so ó kọ́, nítorí kádíbọ́ọ̀dù le, kì í ká bí ìwé lásán. Pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ ni mo fi mú ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ igi méjèèjì nítorí afẹ́fẹ́.

Ní ti àwọ̀, ọ̀dà dúdú àti búrọ́ọ̀ṣì ínṣì kan ni mo fi fa ilà gbogbo, nítorí ilà máàkà tín-ínrín máa ń pòórá tí èèyàn bá ti jìnnà. Omi jẹ́ búlúù tó kún. Mi ò lo yẹ́lò tàbí àwọ̀ ewé tó fúyẹ́ rárá, torí ojú kì í rí wọn lórí ìwé funfun láti òkèèrè. Pupa, ohun kan ṣoṣo ni mo fi í fún: ẹ̀gbin. Ibi tí pupa bá ti wà, ibẹ̀ ni wàhálà wà, kò sí ohun mìíràn tó gbọdọ̀ pupa, títí dé aṣọ obìnrin tó ń fa omi.

Mo wá bi ara mi pé kí ni mo fẹ́ kí ẹni ìlà ẹ̀yìn mú lọ sílé. Ohun kan ni: ìdí tí kànga tó ń dára lọ́gbẹlẹ̀ fi ń bàjẹ́ lójò. Abẹ́ ilẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ìsàlẹ̀ ṣalángá yẹ kó fi ó kéré tán mítà kan àtààbọ̀ ga ju ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ wà lọ, kí erùpẹ̀ àárín wọn lè sẹ́ ẹ̀gbin náà. Bí òjò bá ti rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ á gbéra sókè, á lọ bá ìsàlẹ̀ ṣalángá níbi tó wà, ẹ̀gbin á sì bá omi rìn dé kànga. Ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́ ni mo fi pa ìtàn yìí: agboolé kan, kànga àti ṣalángá rẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ agboolé kan náà lọ́gbẹlẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ náà lójò. Ìwé kẹrin sọ bí ó ṣe yẹ kí àlàfo àárín wọn tó. Ìkarùn-ún, òfìfo ni mo fi í sílẹ̀.

Ó ṣe pàtàkì pé kí kànga àti ṣalángá wà lójú ibì kan náà gan-an nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó jẹ́ pé bí mo bá ṣí ìwé, omi tó gòkè nìkan ni ojú máa rí pé ó yí padà. Mo kọ́kọ́ yà á sórí ìwé kékeré tí mo pín sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, mọ́kànlá ní ìbú, méje ní òró, ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ̀ǹtímítà méjì. Mo pín kádíbọ́ọ̀dù náà sí iye igun kan náà pẹ̀lú pẹ́ńsù, tirẹ̀ jẹ́ ínṣì mẹ́rin-mẹ́rin. Ohun tó wà nínú igun kékeré ni mo ń gbé sínú igun ńlá. Ẹni tí kò mọ àwòrán yà lè ṣe é.

Àwòrán abẹ́ ilẹ̀ kì í rọrùn fún ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí nínú ìwé. Nítorí náà, kí n tó fi ọ̀dà kan án, mo gbé ti pẹ́ńsù lọ sí ibi tí wọ́n ti ń lọ ata. Mi ò bi wọ́n pé ṣé ó yé yín, torí kò sẹ́ni tí kò ní í sọ pé ó yé òun. Mo ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, kí lẹ rí níbí?” Ìyá kan wò ó títí, ó ní ilé ni, òpó méjì ló gbé e dúró. Kànga àti ṣalángá ló rí bí òpó. Mo padà lọ ya agbẹ́kànga kan sínú kànga kejì tí wọ́n ṣì ń gbẹ́, orí rẹ̀ yọ lókè, ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, garawa erùpẹ̀ ń bá okùn gòkè. Àwọn mìíràn tí mo fi hàn sọ lójú ẹsẹ̀ pé inú ilẹ̀ nìyẹn. Níbẹ̀ náà ni mo ti yọ ọfà tí mo fi ń tọ́ka ọ̀nà ẹ̀gbin kúrò, torí ẹnìkan pè é ní ọfà ọdẹ. Àmì pupa tó-tò-tó ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Mi ò sì ya kòkòrò àìfojúrí ní ńlá, torí bí a bá ya ohun tí kò ṣeé rí kó tóbi tó ewúrẹ́, àwọn èèyàn á ní irú ẹranko bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ àwọn, òótọ́ ni wọ́n sì sọ.

Lọ́jọ́ ìpàdé, apá ìlà oòrùn ni mo gbé igi náà sí, kí àwọn èèyàn lè kẹ́yìn sí oòrùn ìrọ̀lẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ sójú ìwé. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn ìwé, àwọ̀ gbogbo á ṣókùnkùn, ojú àwọn èèyàn á sì máa ṣẹ́jú. Ohun tí mo fẹ́ sọ wà létí ìwé kọ̀ọ̀kan, mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ wẹ́wẹ́, èmi tí mo dúró tì í nìkan ló lè rí i. Iye tí àrùn onígbáméjì pa ní Nàìjíríà lọ́dún 2021, tó lé ní 3,500, ẹnu ni mo fi sọ ọ́, mi ò kọ ọ́ síbì kan. Bí mo bá ń ṣí ìwé, mo ń dákẹ́ títí ojú wọn á fi rìn káàkiri àwòrán náà. Nígbà tí ìwé kẹta ṣí, mi ò tíì sọ nǹkan kan tí Ìyálọ́jà fi ní, “Háà, omi ti bá a!”

Ìwé kẹrin dá lórí mítà 30, àlàfo tó kéré jù tó yẹ kó wà láàárín ṣalángá àti kànga. Mi ò kọ mítà sí i. Ọkùnrin tó ń ti ṣalángá rìn lọ sí kànga ni mo yà, mo kọ “ÌṢÍSẸ̀ OGÓJÌ” sókè rẹ̀, torí ìṣísẹ̀ àgbàlagbà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin mítà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó rìn ín níwájú gbogbo èèyàn.

Bàbá kan wá bi mí pé, “Ọmọ mi, àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ tiwa ní òkè ọ̀hún. Ṣé ogójì náà ni?” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ṣí ìwé òfìfo, mo mú máàkà tó nípọn, mo ya ṣalángá, mo ya kànga, mo ya àpáta tó sán sáárín wọn, mo fi pupa tẹ̀ lé ibi tó sán. Erùpẹ̀ ló ń sẹ́ ẹ̀gbin. Ibi tí àpáta bá ti sán, omi á kàn gba ibẹ̀ kọjá ni, ó sì lè rìn jìnnà ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ. Mo sọ fún wọn pé ní òkè ọ̀hún, kí wọ́n má ṣe gbọ́kàn lé ìṣísẹ̀ nìkan, kí wọ́n máa se omi mímu títí yóò fi hó, bó ti wù kí àlàfo náà tó.

Ìdajì ìwé yẹn tó kù ni a kọ àdéhùn sí lójú gbogbo wọn: àdúgbò kọ̀ọ̀kan yóò yan ẹni méjì tí yóò rin ìṣísẹ̀ náà láti ilé dé ilé, wọn yóò sì jẹ́ kí Baálẹ̀ mọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Baálẹ̀ ní kí n fi ìwé márààrún sílẹ̀. Mo fi aṣọ funfun dì wọ́n ní títẹ́, láìká wọn, nítorí ọ̀dà máa ń bó níbi tí kádíbọ́ọ̀dù bá ti ṣẹ́, wọ́n sì gbé wọn sínú yàrá ìpàdé ààfin.