Ìpín tí kò sí lọ́jà: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìdíyelé Ìpele Kẹta

Ká ní báǹkì kan ní Èkó ra ìdá kan nínú mẹ́wàá ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn báǹkì gba owó láàárín ara wọn. Wọn kì í ta ìpín ilé-iṣẹ́ náà lórí pákó ọjà, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń pe iye rẹ̀ lójoojúmọ́. Síbẹ̀, tí ọdún bá parí, akáǹtáǹtì báǹkì gbọ́dọ̀ kọ iye kan sílẹ̀.

Àwọn kan á kàn fi iye tí wọ́n fi rà á síbẹ̀, wọ́n á gbàgbé rẹ̀. IAS 39, ìlànà ìṣirò owó àgbáyé àtijọ́, fàyè gba irú rẹ̀ nígbà tí iye ìpín bá ṣòro láti mọ̀. IFRS 9, ìlànà tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2018, ti ilẹ̀kùn yẹn. Iye ìrà lè dúró nìkan tí ìròyìn tuntun tó lè sọ iye rẹ̀ kò bá tó, tàbí tí iye tó ṣeé ṣe bá pọ̀ gan-an tí iye ìrà sì jẹ́ èyí tó bójú mu jù láàárín wọn. Tí ilé-iṣẹ́ náà bá ti pàdánù oníbàárà ńlá, tàbí tó ti ta ìpín tuntun fún ẹlòmíràn, iye ìrà ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀nà ìṣirò kọ́ ló ń pinnu ìpele

IFRS 13, ìlànà tó ń sọ bí a ṣe ń díyelé, pín òǹkà tí a fi ń díyelé sí ìpele mẹ́ta. Ìpele Kìíní ni iye tí wọ́n ń pè fún ohun kan náà gan-an lọ́jà tí kàràkátà ti ń lọ déédéé, láìbù, láìfikún. Ìpele Kejì ni òǹkà mìíràn tó hàn lọ́jà, bí èlé orí bọ́ńdì. Ìpele Kẹta ni òǹkà tí ojú ọjà kò rí, tí ẹni tó ń díyelé fúnra rẹ̀ ní láti fojú bù láti inú ìròyìn tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé bí a bá ti lo ọ̀nà ìdínkù owó ọjọ́ iwájú, èyí tó ń sọ owó tó ń bọ̀ di iye tòní, Ìpele Kẹta ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí bọ́ńdì bá jẹ́ pé èlé tó hàn lọ́jà nìkan ni a fi ṣírò rẹ̀, Ìpele Kejì ni. Òdìkejì àṣìṣe yìí ló léwu jù: kí òǹkà mẹ́ta hàn lọ́jà, kí ẹyọ kan má hàn, kí wọ́n wá kọ ọ́ sí Ìpele Kejì torí pé “èyí tó hàn ló pọ̀ jù”. A kì í kà wọ́n bí ìbò. Òǹkà tó wà nísàlẹ̀ jù, bó bá ti nípa lórí gbogbo iye náà, ló ń pinnu ìpele.

Ẹ wo ìpín wa yìí. Owó tí ilé-iṣẹ́ náà yóò mú wọlé fún àwọn onípìn-ín lọ́dún tó ń bọ̀ jẹ́ ₦300 mílíọ̀nù, a sì fojú bù ú pé yóò máa pọ̀ sí i ní 8% lọ́dún. Ká ní bọ́ńdì ìjọba àpapọ̀ ń mú 17% wá, a fi 7% kún un nítorí ewu ìdókòwò, ó di 24%, èyí ni rèètì wa. Àlàfo láàárín rèètì àti ìdàgbàsókè ni a ó fi pín owó náà, ní mílíọ̀nù náírà:

```
300 / (0.24 - 0.08) = 1,875
1,875 x 10%         = 187.5
187.5 x (1 - 0.20)  = 150
```

Ẹ̀dínwó 20% ìkẹyìn yẹn jẹ́ nítorí pé ìpín tí kò sí lọ́jà kò ṣeé tà kíákíá. Ó gé ₦37.5 mílíọ̀nù kúrò nínú iye náà, kò sì sí ojúde ọjà tí ẹnikẹ́ni ti lè lọ wò ó. Èlé bọ́ńdì hàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ìpele Kẹta ni èyí. Ẹni tó bá kọ ọ́ sí Ìpele Kejì ti fi àlàyé tí ìlànà béèrè lórí òǹkà àfojúbù pamọ́ fún olùkàwé.

Ewu kan, ẹ̀ẹ̀mejì

Èyí ni mo kà sí àṣìṣe tó ń jẹ iye jù nílẹ̀ wa. Èlé bọ́ńdì ìjọba lówó náírà ti ní ewu orílẹ̀-èdè àti ọ̀wọ́n gógó nínú. Ẹnìkan á tún wá mú 4% nínú tábìlì tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń ṣírò ní dọ́là, á pè é ní ewu Nàìjíríà, á fi kún 24%. Ó di 28%, iye ilé-iṣẹ́ wá já sí ₦1,500 mílíọ̀nù. Bó bá tún fi 3% kún un “torí pé kò ṣeé tà kíákíá”, ó di 31%, ₦1,304 mílíọ̀nù. Ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ₦130 mílíọ̀nù. Lẹ́yìn náà ló tún gé 20% ẹ̀dínwó, ó ku ₦104 mílíọ̀nù. Ìpín ₦150 mílíọ̀nù ti sọ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá nù, kò sì sí ìṣirò kankan tó ṣìnà nínú Excel. Tí èlé bá jẹ́ ti náírà, owó tó ń wọlé náà gbọ́dọ̀ jẹ́ náírà pẹ̀lú ọ̀wọ́n gógó nínú. Àìrítà náà, ibì kan ṣoṣo ló yẹ kó wà, yálà nínú rèètì tàbí nínú ẹ̀dínwó.

Èrè ọjọ́ kìíní

Ká ní ₦120 mílíọ̀nù ni báǹkì san gan-an, lọ́wọ́ ẹni tí kò sí lábẹ́ ìfúngun láti tà. Ìṣirò ní ₦150 mílíọ̀nù. Kíkọ ₦30 mílíọ̀nù sílẹ̀ bí èrè lọ́jọ́ yẹn kò tọ́: níwọ̀n bí òǹkà àfojúbù ti wà nínú rẹ̀, ìyàtọ̀ náà ní láti dúró ná. Ohun tí IFRS 13 ní kí a ṣe, nígbà tí iye ìrà bá bá ọjà mu, ni kí a tún ìṣirò ṣe títí yóò fi bá iye ìrà dọ́gba. Tí a bá fi ẹ̀dínwó ṣe é, 187.5 yóò di 120 ní ẹ̀dínwó 36%. (Ó ga. Ó lè jẹ́ pé ìdàgbàsókè 8% ni a fi ọwọ́ líle gbé, ẹ kọ́kọ́ yẹ ìyẹn wò.)

Ibi tí àṣìṣe ti ń padà wọlé ni ìparí ọdún. Ẹlòmíràn ṣí fáìlì náà, ó rí 36%, ó ní “20% ni gbogbo ayé ń lò”, ó yí i. Èrè ₦30 mílíọ̀nù yọ, kò sí oníbàárà tó mú un wá. Òǹkà àfojúbù kì í yí padà láìsí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jà tàbí nínú ilé-iṣẹ́, ohun náà sì gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀. Olùkàwé lè mú èyí: ẹ gbé àlàyé Ìpele Kẹta ti ọdún méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tí owó tó ń wọlé kò bá yí padà tí iye sì ga, ẹ wo ìlà ẹ̀dínwó.

“A gbé iye sókè àti sísàlẹ̀ ní 5%”

Bí gbólóhùn yìí bá wà nínú àlàyé Ìpele Kẹta, kò sọ nǹkankan, nítorí ìdáhùn ni wọ́n mì, kì í ṣe òǹkà tó bí i. Rèètì àti ìdàgbàsókè ni kí ẹ mì, papọ̀. Pẹ̀lú 23% àti 9%, iye ilé-iṣẹ́ di ₦2,143 mílíọ̀nù. Pẹ̀lú 25% àti 7%, ó di ₦1,667 mílíọ̀nù. Ìdá ẹyọ kan níhìn-ín àti lọ́hùn-ún mú un gòkè ní 14%, ó sì mú un wálẹ̀ ní 11%. Àlàfo láàárín rèètì àti ìdàgbàsókè ló fà á. Níbi tí àlàfo bá jẹ́ 16, ìyípadà kékeré ṣì ṣeé fara dà. Níbi tó bá jẹ́ 4, bí èlé dọ́là ṣe máa ń rí, kí rèètì sọ̀ kalẹ̀ ní ẹyọ kan ṣoṣo á gbé iye náà ga ní ìdá kan nínú mẹ́ta.