Ibi tí ìlọ́po owó ti mú mi, àti bí mo ṣe já a

Ìbéèrè kan ni wọ́n fún wa nínú ìdánwò ìgbáradì, ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí mo ń lọ ní Kubwa. Ó ní àwọn báńkì gbọ́dọ̀ ya 20% owó tí oníbàárà kó sọ́dọ̀ wọn sọ́tọ̀, àwọn aráàlú sì ń mú 20% gbogbo owó wọn dání lọ́wọ́. Owó ìpìlẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 90 náírà. Wọ́n ní ká wá àpapọ̀ owó tó wà nílùú àti ìlọ́po owó, ìyẹn ohun tí a ó rí tí a bá fi owó ìpìlẹ̀ pín àpapọ̀ owó náà. Mo dáhùn pé ìlọ́po jẹ́ 3, àpapọ̀ owó sì jẹ́ bílíọ̀nù 270. Bíírò pupa ni tíṣà fi fagi lé e, kò sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀.

Mo gbé e wálé. Mo kọ́kọ́ fura sí fọ́múlà, nítorí náà mo tún un yọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe owó tó wà lọ́wọ́ aráàlú ní C, èyí tó wà nínú àkáǹtì wọn ní D, èyí tí báńkì yà sọ́tọ̀ ní R. Àpapọ̀ owó jẹ́ C + D, owó ìpìlẹ̀ sì jẹ́ C + R. Tí a bá fi D pín méjèèjì, tí a sì gbé èkíní lé èkejì, ìlọ́po owó, tí a pè ní m, tí a ó rí nìyí:

```
m = (1 + c) / (r + c)
c = C/D,  r = R/D
```

Fọ́múlà kò ṣẹ̀. Mo fi 0.20 sí ipò c àti r, 1.20 lórí 0.40, mo tún rí 3. Mo ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò: D jẹ́ 225, C jẹ́ 45, R náà jẹ́ 45. C àti R papọ̀ jẹ́ 90 géérégé. Ohun tó dà mí lọ́kàn rú jù nìyẹn, torí ìṣirò mi bá owó ìpìlẹ̀ mu, síbẹ̀ wọ́n fagi lé e.

Ọ̀dọ̀ àǹtí mi tó ń ta ẹ̀wà lọ́jà ni ojú mi ti là. Lálẹ́, bó ṣe ń ka owó lórí ẹní, mo bi í pé eélòó ló ń mú dání. Ó ní, “Nínú ẹgbẹ̀rún kan, mo máa ń mú igba náírà sápò ìró mi, mo á kó ìyókù lọ sí báńkì.” Ìyókù yẹn jẹ́ ẹgbẹ̀rin. Igba nínú ẹgbẹ̀rún jẹ́ 20%, ṣùgbọ́n igba sí ẹgbẹ̀rin jẹ́ 25%. Owó tó wà ní báńkì nìkan ni c ń bá wọ̀n, èmi sì ti fi gbogbo owó wọ̀n ọ́n.

Nítorí náà, tí ìbéèrè bá sọ pé “nínú gbogbo owó wọn”, ẹ kọ́kọ́ yọ ìpín náà kúrò nínú 1, kí ẹ sì fi ohun tó kù pín in: 0.20 lórí 0.80 jẹ́ 0.25. Tó bá jẹ́ pé “fún náírà kọ̀ọ̀kan tó wà ní báńkì” ló sọ, a ti fún yín ní c tààrà, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Mo tún un ṣe: 1.25 lórí 0.45, ó jẹ́ 2.78 tí a bá fà á sún mọ́ra. Kí n má baà pàdánù nínú ìfàsúnmọ́ra yẹn, 90 ni mo sọ di púpọ̀ ní ìgbà 1.25, kí n tó fi 0.45 pín in: bílíọ̀nù 250. D jẹ́ 200, C jẹ́ 50, R jẹ́ 40. C àti R ṣì jẹ́ 90, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, 50 nínú 250 jẹ́ 20% tí ìbéèrè sọ. Nínú ìdáhùn mi àkọ́kọ́, 45 nínú 270 kò tó 17%. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àyẹ̀wò owó ìpìlẹ̀ kò lè tú àṣìṣe yìí fó, torí c yòówù kí ẹ lò, yóò bá 90 mu. Ẹ padà lọ ka gbólóhùn ìbéèrè, kí ẹ fi nọ́ńbà yín dán an wò.

Ẹlòmíì nínú kíláàsì wa kọ 1/r, ó rí 5. Ìyẹn ì bá tọ́ ká ní kò sẹ́ni tó ń mú owó dání. Owó tó wà nínú àpò ìró àǹtí mi, kò sí báńkì tó lè yá a fún ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè kejì fi kún un pé àwọn báńkì tún ń fọwọ́ ara wọn ya 5% mìíràn sọ́tọ̀ yàtọ̀ sí ti òfin. Ìsàlẹ̀ nìkan ni ìyẹn kàn. r di 0.25, ìlọ́po di 1.25 lórí 0.50, ìyẹn 2.5, àpapọ̀ owó sì di bílíọ̀nù 225. Mo fi ọ̀nà tuntun mi yẹ̀ ẹ́ wò: C jẹ́ 45, 45 nínú 225 sì jẹ́ 20%.