Bí mo ṣe to ìdámẹ́wàá, owó ìyá àti aṣọ ẹbí sínú owó oṣù tí ìfowópamọ́ kò fi dúró

Àkọsílẹ̀ àkáǹtì ọdún kan gbáko ni mo kọ́kọ́ gbà ní báńkì. Mo fa ìlà sí abẹ́ gbogbo owó tó jáde tí kì í ṣe ti ilé mi: ìdámẹ́wàá, ọrẹ, owó ìyá mi, owó ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, aṣọ ẹbí, owó télọ̀, owó ọkọ̀ lọ sóde, àti èyí tí a fi ran aláìsàn tàbí ọmọ iléèwé lọ́wọ́. Ọdún kan ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Ìnáwó kì í pín dọ́gba: ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kì í so yìgì nínú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, àwọn Mùsùlùmí náà kì í sáábà ṣe ayẹyẹ nínú Ràmàdáánì, nítorí náà gbogbo rẹ̀ á wá rọ́ jáde lẹ́yìn ọdún Àjíǹde àti ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Oṣù Kọkànlá àti Ìkejìlá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi oṣù mẹ́ta péré ṣe òdiwọ̀n á ṣi ìṣirò.

Báńkì kò mọ owó tí a ná lọ́wọ́. Fún ìyẹn, mo ṣí àpótí aṣọ, mo ka àwọn aṣọ ẹbí ibẹ̀, mo sì padà sínú Wásáàpù lọ wo iye tí wọ́n pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aṣọ nìkan kọ́ sì ni iye aṣọ: owó ìránṣọ, gèlè, ọkọ̀ àti owó tí a ó lẹ̀ mọ́ olóde níwájú máa ń tó iye aṣọ fúnra rẹ̀, nígbà mìíràn ó máa ń jù ú lọ.

Owó oṣù tí mo fi ṣe é jẹ́ ₦250,000 lẹ́yìn owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì. Ìdámẹ́wàá jẹ́ ₦25,000. Ọrẹ ọjọ́ Ìsinmi jẹ́ ₦1,000, àmọ́ Ọjọ́ Ìsinmi inú ọdún jẹ́ 52, kì í ṣe 48. Nítorí náà ₦4,500 lóṣù ni mo kọ, kí oṣù tó bá ní Ìsinmi márùn-ún má baà dá nǹkan rú. Ìyá ń gba ₦20,000. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń gba ₦2,000 lóṣù àti ₦12,000 lọ́dọọdún, tí í ṣe ₦3,000 lóṣù tí a bá pín in. Aṣọ ẹbí àti òde jẹ́ ₦240,000 lọ́dún, ìrànlọ́wọ́ òjijì jẹ́ ₦96,000. Bí a bá pín méjèèjì sí oṣù 12, ₦28,000 ni. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦80,500 lóṣù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù. Ìdí nìyí tí ìfowópamọ́ fi máa ń dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ya àpà.

Nígbà tí mo rí i bẹ́ẹ̀, n kò fọwọ́ kan ìdámẹ́wàá, n kò sì fọwọ́ kan owó ìyá. Ìdámẹ́wàá wà nínú ìgbàgbọ́ mi, owó ìyá sì ní iye tó mọ́. Ohun tó ń jẹ owó ni èyí tí kò ní òdiwọ̀n. Mo dín ₦28,000 yẹn kù sí ₦12,500: ₦7,500 fún òde, ₦5,000 fún ìrànlọ́wọ́. Gbogbo ohun tó ń jáde wá di ₦65,000. Mo wá ya ₦30,000 sọ́tọ̀ fún ìfowópamọ́, ₦155,000 sì kù fún oúnjẹ, ilé, ọkọ̀ àti iná.

₦30,000 yẹn kì í dé ọwọ́ mi rárá. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ ló ń yọ ọ́ kí owó oṣù tó wọlé, alẹ́ẹ̀tì á sì gbé ₦220,000 wá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dàrú lórí ìdámẹ́wàá. Owó alájẹṣẹ́kù ṣì jẹ́ owó mi, nítorí náà orí ₦250,000 ni mo ti ń yọ ìdámẹ́wàá, kì í ṣe orí ₦220,000. Lọ́jọ́ tí mo bá gbà á padà, n kò ní yọ ìdámẹ́wàá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Owó àjọ tí a kó náà rí bẹ́ẹ̀, owó tí a yá kò sì jẹ́ èrè. Èlé tí ẹgbẹ́ bá pín lópin ọdún nìkan ni owó tuntun.

Mùsùlùmí á gba ọ̀nà mìíràn wọ̀ ọ́: 2.5% ni sàkáà, orí owó tó wà nílẹ̀ fún ọdún òṣùpá kan tó sì tó iye wúrà gíráàmù 85 ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì tó bẹ́ẹ̀ kò jẹ sàkáà. Sàárà ló ń ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa fi iye sí i.

₦12,500 yẹn ń lọ sí àkáǹtì mìíràn tí kò ní káàdì, lọ́jọ́ tí owó oṣù bá wọlé gan-an. Báńkì ló ń fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tí a bá bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kìíní, ₦22,500 péré ni yóò wà nínú àpò òde lópin Oṣù Kẹta, bẹ́ẹ̀ ọdún Àjíǹde ti dé. Nítorí náà mo fi ₦30,000 ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ láti inú owó àjẹmọ́nú ìparí ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ràn alájọ ojoojúmọ́ lè fi ṣe é, kó sáà rántí pé dídá ọjọ́ kan nínú oṣù jẹ́ ti alájọ: ₦500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 30 á padà wá ní ₦14,500.

₦7,500 lóṣù, tí í ṣe ₦90,000 lọ́dún, kò lè gba aṣọ gbogbo ènìyàn. Mo kọ orúkọ àwọn tí mo lè retí ìnáwó lọ́dọ̀ wọn, mo sì pín wọn sí mẹ́ta. Ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá, mo gba aṣọ pátápátá. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ àti ará ibi iṣẹ́, fìlà tàbí gèlè nìkan. Àwọn yòókù, mo lọ pẹ̀lú aṣọ tí mo ní, mo sì fi ₦3,000 sínú àpòòwé. Èsì gbọ́dọ̀ yá, kí ẹni tó ń kó aṣọ jọ tó lọ sí Gbági, torí pé orúkọ tó bá ti wọ ìwé ti di gbèsè. Olóde ti san owó aṣọ yẹn fún oníṣòwò. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé: "Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe é láṣeyọrí. Fìlà ni màá gbà o, ṣùgbọ́n ẹ máa rí mi lọ́jọ́ náà." Ẹni tó bá dákẹ́ ni wọ́n máa ń bínú sí, torí wọ́n ti ka aṣọ mọ́ ọn.

Àmì tó yẹ ká ṣọ́ ni ẹ̀yáwó. Alájẹṣẹ́kù sábà máa ń yáni ní ìlọ́po méjì ohun tí a ti dá, ó sì máa ń wuni láti fi gba léèsì ìgbéyàwó Oṣù Kejìlá. Láti ìgbà náà, owó tí wọ́n ń yọ lóṣù ti di sísan gbèsè ìnáwó kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà inú ìwé kò yí padà. Bí àpò òde bá gbẹ, mo dúró lórí àpòòwé títí oṣù tó ń bọ̀. N kò gbà lọ́wọ́ àpò ìrànlọ́wọ́, torí àìsàn kì í fi lẹ́tà ránṣẹ́ kó tó dé.

Bí owó oṣù bá gòkè, ìdámẹ́wàá ń gòkè fúnra rẹ̀. Ìdajì ohun tó bá kù nínú àfikún náà ni mo ní kí alájẹṣẹ́kù máa yọ láti oṣù kan náà, kí n tó jẹ́ kí ohunkóhun wọ àpò òde. Ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú àpò òde ní Oṣù Kejìlá wà níbẹ̀ di Àjíǹde.