Kí ló dé tí iye ọjọ́ láàárín déètì méjì fi ń dín kan tàbí kó lé kan?

Ìbéèrè: Láti ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 2023 dé ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2024, 115 ni mo kà. Ẹnì kejì mi ka 116, ẹlòmíì tún ní 117 ni. Èwo ló tọ́ nínú ẹ̀?

Ìdáhùn: 116 ni, bó bá jẹ́ iye ọjọ́ tó ti kọjá lẹ́yìn déètì àkọ́kọ́ lẹ ń wá. Ẹ má fi ìka tọ kàlẹ́ńdà lọ́kọ̀ọ̀kan o, oṣù-oṣù ni kẹ́ ẹ gé e. Ọjọ́ 30 ló wà nínú oṣù kọkànlá. Ẹ yọ 15 kúrò, ó ku 15. Ẹ fi 31 ti oṣù kejìlá kún un, ó di 46. Ẹ fi 31 ti oṣù kìíní kún un, ó di 77. Oṣù kejì ọdún 2024 ní ọjọ́ 29, ìyẹn sọ ọ́ di 106. Ẹ wá fi ọjọ́ 10 inú oṣù kẹta parí rẹ̀.

Ibi tí 115 yín ti wá ni pé ẹ ka oṣù kejì sí 28. Ẹni tó ní 117 ka ọjọ́ 15 tí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹn kì í sì í ṣe àṣìṣe ní gbogbo ìgbà. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ lẹ ṣe lójoojúmọ́, tẹ́ ẹ ṣe é lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tẹ́ ẹ tún ṣe é lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ọjọ́ 117 lẹ fi ṣe é lóòótọ́. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti pinnu èyí tẹ́ ẹ fẹ́. Bí ohun tẹ́ ẹ fi ń ṣírò kò bá yé yín, ẹ fi òní àti ọ̀la dán an wò: bó bá gbé 1 jáde, kò ka ọjọ́ àkọ́kọ́, bó bá gbé 2 jáde, ó kà á.

Èyí tó burú jù ni tẹni tó ka oṣù kejì sí 28, tó tún ka ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Òun náà á rí 116, á sì rò pé òun gbà á.

Ìbéèrè: Ọjọ́ 366 ló wà nínú ọdún 2024. Kí ló wá dé tí ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2024 sí ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2025 fi jẹ́ 365?

Ìdáhùn: Ọjọ́ kan tó lé yẹn ní ibi tó jókòó sí: ọjọ́ 29 oṣù kejì. Ó ti kọjá kí ìṣirò yín tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e padà sẹ́yìn lọ́dún kan, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2023 sí ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2024, ẹ máa rí 366, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú 2023 ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọjọ́ náà wà. Nítorí náà, ẹ má béèrè bóyá ọdún náà jẹ́ ọlọ́jọ́ 366. Ẹ béèrè bóyá ọjọ́ 29 oṣù kejì bọ́ sáàárín déètì méjèèjì.

Bó bá jẹ́ ọjọ́ 29 gan-an lẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kíyè sí i: láti ọjọ́ 29 oṣù kejì 2024, ọjọ́ 28 oṣù kejì 2025 ló pé 365, ọjọ́ 1 oṣù kẹta tó tẹ̀ lé e ti di 366.

Ìbéèrè: Ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún 1998 sí ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún 2024 ńkọ́? Mo fi 365.25 ṣe é, ó gbé 9496.5 jáde.

Ìdáhùn: Ìdajì ọjọ́ yẹn ti fi hàn pé ìfojúdíwọ̀n ni. Ọdún 26 lọ́nà 365 jẹ́ 9490. Ẹ wá ka iye ọjọ́ 29 oṣù kejì tó wà láàárín: 2000, 2004, 2008, 2012, 2016, 2020 àti 2024. Méje ni, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 9497. Ti 2024 wọlé torí pé oṣù karùn-ún ti kọjá rẹ̀. Ká ní oṣù kìíní ni déètì méjèèjì, kì bá wọlé.

Ọdún tí 4 bá pín láìṣẹ́kù ló ń ní ọjọ́ 366, àfi èyí tó bá parí sí 00: ìyẹn gbọ́dọ̀ ṣeé fi 400 pín. Ìdí nìyẹn tí 2000 fi wọlé, tí 1900 àti 2100 kò sì wọlé.

Ìbéèrè: Excel fún mi ní ọjọ́ 2 láàárín ọjọ́ 28 oṣù kejì 1900 àti ọjọ́ 1 oṣù kẹta 1900. Ṣé èmi ni mo ṣì í ni?

```
=DATE(1900,3,1)-DATE(1900,2,28)
```

Ìdáhùn: Rárá, Excel ló ṣì í. Ó ka ọjọ́ 29 oṣù kejì 1900, ọjọ́ tí kò sí rí. Ọ̀dọ̀ Lotus 1-2-3, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà tó ṣáájú Excel, ni àṣìṣe yẹn ti wá. Àwọn tó ṣe Excel mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ kí fáìlì ètò méjèèjì lè bára mu. Bí déètì àkọ́kọ́ bá ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù kẹta 1900, tí èkejì sì jẹ́ ọjọ́ yẹn tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ yọ 1 kúrò. Bí méjèèjì bá jẹ́ láti ọjọ́ yẹn síwájú, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.