Bí mo ṣe pín owó àsansílẹ̀ ọdún kan sí oṣooṣù nínú ìwé àkáǹtì

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta sọ́fítíwíà orí ayélujára ló ní kí n bá àwọn to ìwé owó wọn. Owó ọdún kan làwọn oníbàárà wọn ń san lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Bí mo ṣe ṣí ìwé èrè oṣooṣù wọn ni mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Oṣù tí oníbàárà ńlá bá sanwó, èrè á ga fíofío. Oṣù tó tẹ̀ lé e, àfi bíi pé ẹnikẹ́ni ò ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe látoṣù dóṣù.

Ohun tó fà á ni pé gbàrà tí owó bá wọ báńkì ni wọ́n ti ń kà á sí owó iṣẹ́. Owó yẹn ò sì tíì di tiwọn. Gbèsè ni, torí pé wọ́n ṣì jẹ oníbàárà ní iṣẹ́ ọdún kan gbáko. Ohun tí IFRS 15, ìlànà ìṣirò owó tó kárí ayé, sọ náà nìyẹn: tí oníbàárà bá ń jàǹfààní iṣẹ́ bí o ṣe ń ṣe é lọ, bí o ṣe ń ṣe é lọ náà ni wàá máa ka owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú oníbàárà kan. Owó rẹ̀ jẹ́ 7,300, láìka owó orí ọjà mọ́ ọn, torí ti ìjọba nìyẹn, kò lè di owó iṣẹ́ láé. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ló sanwó, ṣùgbọ́n ọjọ́ 12 ni wọ́n tó ṣí i sílẹ̀ fún un, ó sì máa parí lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ 3, mo dá báńkì ní débíìtì 7,300, mo sì dá àkáǹtì àsansílẹ̀ ní kírẹ́díìtì iye kan náà. Owó iṣẹ́ ò rí nǹkan kan gbà lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ tí oníbàárà lè wọlé lò ó ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tó sanwó.

Ọ̀gá àkáǹtì wọn fẹ́ ká kàn pín in sí méjìlá. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 30 ńkọ́? Ṣé owó oṣù kan odindi la máa kà fún ọjọ́ méjì?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa bá a lọ. Mo wá fi ọjọ́ pín in: 7,300 lọ́nà 365 jẹ́ 20 lójúmọ́. Oṣù Kẹta ní ọjọ́ 20, ó gba 400. Oṣù Kẹrin gba 600, oṣù Karùn-ún gba 620. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, àkáǹtì àsansílẹ̀ á gba débíìtì, owó iṣẹ́ á gba kírẹ́díìtì. Nígbà tí oṣù Kejìlá parí, 5,900 ti kúrò, 1,400 tó jẹ́ ti ọjọ́ 70 tó kù ṣì wà nínú gbèsè.

Àwọn oníbàárà pọ̀, mi ò lè fọwọ́ ṣe é. Mo kọ owó sí B, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sí C, ọjọ́ ìparí sí D, mo sì to ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kọ̀ọ̀kan sí ìlà àkọ́kọ́ láti F lọ:

```
=$B2/($D2-$C2+1)*MAX(0,MIN($D2,F$1)-MAX($C2,EOMONTH(F$1,-1)+1)+1)
```

Kò ní ìṣòro pẹ̀lú ọdún tó ní ọjọ́ 366, torí ọjọ́ àdéhùn gan-an ló fi ń pín.

Ibi tí mo ti pẹ́ jù ni àyẹ̀wò. Gbogbo owó tó kù nínú ṣíìtì gbọ́dọ̀ bá bálánsì àkáǹtì àsansílẹ̀ mu, oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ti àwọn kan wà ní òdì nínú lẹ́jà, ohun tí gbèsè irú èyí ò gbọ́dọ̀ ṣe. Ìyẹn ni pé à ń yọ owó tí kò fìgbà kan wọbẹ̀. Mo tọpa rẹ̀ dé orí ẹ̀rọ tó ń kọ ìwé owó fún wọn: wọ́n ti so ọ̀kan nínú ọjà wọn mọ́ àkáǹtì owó iṣẹ́ tààrà. A yí i sí àsansílẹ̀, a sì dá gbogbo owó àwọn oníbàárà yẹn tó ti lọ tààrà sí owó iṣẹ́ padà: débíìtì owó iṣẹ́, kírẹ́díìtì àsansílẹ̀.

Àwọn kan ṣẹ́ kù tí mi ò fi sínú ṣíìtì náà rárá. Orí kọ̀ǹpútà tiwọn ni wọ́n ti ń lo sọ́fítíwíà, ilé-iṣẹ́ ò sì jẹ wọ́n ní iṣẹ́ kankan mọ́ lẹ́yìn tó ti fún wọn láṣẹ àti-lò. Owó irú wọn kò ní oṣooṣù, ọjọ́ tí àṣẹ náà bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti di owó iṣẹ́.