Bí a ṣe ń wá ìdènà iná láti igun dé igun nínú àpótí rẹ̀sítọ̀ 12

Ẹ mú rẹ̀sítọ̀ 12 tí iye wọn bára mu, kí ẹ fi wọ́n kọ́ àpótí: ọ̀kan fún etí kọ̀ọ̀kan, kí mẹ́ta máa pàdé ní igun kọ̀ọ̀kan. R ni ìdènà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iná wọlé ní igun A, ó sì jáde ní igun G, èyí tó jìnnà sí A jù lọ. Èló ni ìdènà gbogbo rẹ̀?

Ẹ má wá èyí tó tò tẹ̀ léra tàbí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Ẹ ò ní rí ọ̀kan ṣoṣo. Ìbádọ́gba àpótí náà ló máa ṣiṣẹ́ fún wa.

Ẹ fi ìka méjì di A àti G mú, kí ẹ yí àpótí náà títí tí etí kan yóò fi bọ́ sí ipò èkejì. Kò sí ohun tó yàtọ̀. Nígbà tí a kò lè dá etí mẹ́ta tó ti A jáde mọ̀ yàtọ̀ síra, iná náà kò lè gba ọ̀kan ju èkejì lọ. Bí iná tó wọlé bá jẹ́ I, I/3 ni yóò gba etí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá dé igun tó kàn, ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀, àwọn náà sì bára mu bí ojú àti àwòrán rẹ̀ nínú dígí: I/6, I/6. Lẹ́yìn náà, méjì méjì á tún pàdé, I/3 á sì wọ G láti ọ̀nà mẹ́ta.

Ó wá ku kí ẹ tọ ọ̀nà kan ṣoṣo láti A dé G, kí ẹ máa ṣírò fóltéèjì tó ń lọ lórí rẹ̀sítọ̀ kọ̀ọ̀kan:

```
V = IR/3 + IR/6 + IR/3 = 5IR/6
```

Ẹ fi I pín V: ìdènà náà jẹ́ 5R/6.

Ẹ fi mítà dán an wò. Pẹ̀lú rẹ̀sítọ̀ 1,000 ómù, ó yẹ kí ẹ rí nǹkan bí 833. Bí ẹ bá rí 750, igun méjì tó dojú kọra lórí ojú kan ṣoṣo lẹ fi mítà sí. Bí ó bá jẹ́ 583, igun méjì orí etí kan náà ni. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù nìyí: àwọn kan á tún pín iná sí mẹ́ta ọgbọọgba níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ yíyí tí a yí àpótí lẹ́ẹ̀kan kò bá ibẹ̀ mu mọ́.

Bí igun bá tọ́, tí rẹ̀sítọ̀ kan bá já tàbí tí lẹ́ẹ̀dì tí ẹ yọ́ láti fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ igun kò mú, mítà á tún sọ ibi tó wà. Bí ó bá wà lára mẹ́ta tó kan A tàbí mẹ́ta tó kan G, ẹ ó rí 1,100. Bí ó bá wà lára mẹ́fà àárín, 900 ni, torí iná tó ń gba ibẹ̀ kéré. Ìbádọ́gba kò lè fún wa ní iye méjèèjì yìí, nítorí ó ti bàjẹ́. Ẹ ní láti kọ ìṣirò igun kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.