Ọdún ìbí nìkan la mọ̀: kí la máa kọ sí àyè ọjọ́ àti oṣù nínú fọ́ọ̀mù NIN?

Ìbéèrè: Ọdún 1952 ni wọ́n bí màmá wa, kò sì sẹ́ni tó mọ oṣù tàbí ọjọ́. Ẹ̀rọ NIN kò gbà ká fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo. Kí la máa kọ?

Ìdáhùn: 01/01/1952 ni kí ẹ kọ, bí kò bá ti sí ìwé kankan nílẹ̀ tó ní ọjọ́ mìíràn. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé màmá lọ, ẹ kọ́kọ́ tú àpò ìwé wọn wò dáadáa. Ẹ wo káàdì ìdìbò, ìwé bánkì àti BVN, ìwé ìrìbọmi, káàdì ọsibítù àtijọ́ àti ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ti gba ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ akọ̀wé kan rí láìmọ̀. Akọ̀wé béèrè, màmá ní àwọn ò mọ̀, akọ̀wé sì kọ èyí tó wù ú. Bí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá ti wà nínú BVN, tí ọdún rẹ̀ sì bá èyí tí ẹ mọ̀ mu, òun náà ni kí ẹ lò fún NIN. Ọjọ́ méjì fún ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá wàhálà sílẹ̀, ó sì burú ju ọjọ́ tí a fojú bù lọ.

Ìdí tí mo fi fara mọ́ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ìwé káàkiri ayé mọ ohun tó túmọ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọjọ́ ìbí ọ̀pọ̀ àwọn tógun lé kúrò nílùú wọn nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá rí 01/01 lára ìwé àgbàlagbà ti fura pé ọdún nìkan ni wọ́n mọ̀. Ní Íńdíà, wọ́n tilẹ̀ máa ń tẹ ọdún nìkan sára Aadhaar, káàdì ìdánimọ̀ tiwọn, fún ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ti wa ò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́, oṣù àti ọdún ló máa hàn lára ìwé NIN, kò sì ní sí àmì kankan níbẹ̀ pé a fojú bù ú ni.

Ẹ má fi ọjọ́ ìbí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ kankan ṣe é. Kí wọ́n tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ẹ ní kí òṣìṣẹ́ náà yí ojú ẹ̀rọ sí yín, kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́jọ ọjọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àtúnṣe níbẹ̀ kò ná yín ní nǹkan kan. Bó bá ti wọlé tán, owó ni.

Ìbéèrè: Bàbá wa ní 1949 ni wọ́n bí àwọn, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní irọ́ ni, pé 1947 ni. Ta la máa gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà èwe wọn, kí ẹ wá fi wé ohun tí ọdún rẹ̀ dájú.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é pọ̀. Ká ní bàbá sọ pé ọdún tí Awólọ́wọ̀ dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ gan-an ni wọ́n mú àwọn lọ ilé ẹ̀kọ́. Oṣù kìíní ọdún 1955 nìyẹn, ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn ìgbà náà. Wọ́n tún rántí pé tíṣà ní kí àwọn gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kí àwọn fi di etí òsì mú, ọwọ́ àwọn sì tó o. Ọmọ bí ọdún mẹ́fà ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń tó etí. Bí a bá yọ mẹ́fà kúrò nínú 1955, ó bọ́ sí 1949, tàbí ìparí 1948. Àmọ́ gígùn ọwọ́ ni wọ́n fi díwọ̀n, wọn ò díwọ̀n ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún márùn-ún tó ga lè yege, ọmọ ọdún méje tó rẹlẹ̀ sì lè kùnà kó padà sílé. Ẹ̀rí yìí kò lè fún yín ní ju 1948 sí 1950 lọ.

Ẹ wá bi ẹ̀gbọ́n wọn léèrè: ta ló wà láàárín àwọn méjèèjì? Ṣé wọ́n ti já òun lẹ́nu ọmú nígbà tí wọ́n bí àbúrò? Bí ẹ̀gbọ́n bá ní ìwé ìrìbọmi tó sọ pé 1946 ni wọ́n bí àwọn, tó sì jẹ́ pé bàbá ló tẹ̀ lé wọn, 1949 bá bí ìyá ṣe ń fi ọmọ sáyè nígbà yẹn mu, ìyẹn bí ọdún mẹ́ta síra. Èmi á gbà 1949 níbí, torí ẹ̀rí méjì tí kò mọ ara wọn ló fẹnu kò sí i. Ẹnì kan tó ń tẹnu mọ́ ọdún kan kíkankíkan, láìsí ohun tó fi dì í mú, kì í ṣe ẹ̀rí.

Lásìkò tí ẹ bá ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí ni oṣù náà lè jáde. Bí bàbá bá ń jẹ́ Abíọ́dún, ẹ béèrè pé ọdún wo ni ìdílé ń ṣe lọ́wọ́. Ká ní Mùsùlùmí ni wọ́n, tí ọdún ìbí wọn sì jẹ́ 1952: Ìtúnu Àwẹ̀ ọdún náà bọ́ sí bí ìparí oṣù kẹfà, Iléyá sì bọ́ sí bí ìparí oṣù kẹjọ. Bí ẹbí bá ti fẹnu kò pé Iléyá ni, 01/08/1952 sún mọ́ òótọ́ ju 01/01/1952 lọ, òun sì ni kí ẹ lò.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ká lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù. Ẹ̀rù ń bà wá láti búra sí ọjọ́ tí a ò mọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ̀rù yín tọ́, torí ìbúra èké lẹ́jọ́. Àmọ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́ ló máa gbà yín. Ẹ má jẹ́ kí akọ̀wé kóòtù kàn tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé “ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1952 ni wọ́n bí i.” Wọ́n ti tẹ fọ́ọ̀mù wọn sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí wọ́n sì ṣe máa kọ ọ́ nìyẹn bí ẹ kò bá sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí wọ́n pín in sí gbólóhùn mẹ́ta: pé ọdún 1952 ni wọ́n bí i, ní ìlú báyìí, pé wọn kò kọ ìbí náà sílẹ̀ níbì kankan, a kò sì mọ ọjọ́ àti oṣù rẹ̀, àti pé 01/01/1952 ni a ń lò fún gbogbo ìwé rẹ̀. Ohun tí ẹ mọ̀ nìkan lẹ búra sí yẹn.

Ẹni tó dàgbà ju màmá lọ, tó mọ̀ nípa ìbí wọn, ló yẹ kó búra: ẹ̀gbọ́n, àbúrò bàbá wọn, tàbí ìyàwó ilé tó ti wà nínú agboolé nígbà náà. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá sí láyé mọ́, ẹ sọ fún akọ̀wé kóòtù kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé. Kí ẹnikẹ́ni tó kéré sí màmá má ṣe kọ ọ́ pé ìṣojú òun ni wọ́n ṣe bí wọn.

Ìwé kóòtù yìí lẹ máa mú lọ sí àjọ tó ń ka ènìyàn, kí wọ́n fún màmá ní ìwé ìjẹ́rìí sí ìbí. Ìwé yìí ni wọ́n máa ń fún àgbàlagbà tí kò ní ìwé ìbí. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò wọn sórí fóònù ọmọ bíi méjì.

Ìbéèrè: NIN màmá ní 01/01/1952, BVN ní 15/06/1954. Bánkì ti dá owó wọn dúró. Èwo la máa tún ṣe?

Ìdáhùn: Èyí tí ìwé kò gbè lẹ́yìn ni kí ẹ tún ṣe. Bí ìwé ìjẹ́rìí bá sọ 1952, BVN ló máa yí, ẹ̀ka bánkì tí màmá ní àkáǹtì sí ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o: ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gbà kéèyàn yí ọjọ́ ìbí padà lórí BVN. Bí òṣìṣẹ́ bá tẹ̀ ẹ́ ṣì, kò rọrùn láti padà lọ. Ti NIN ṣeé ṣe, àmọ́ ó wọ́n: lọ́dún 2025, àjọ NIMC gbé owó àtúnṣe ọjọ́ ìbí lọ sí 28,574 náírà, wọ́n sì máa ń béèrè ìwé ìjẹ́rìí àjọ ìkànìyàn.

Ọ̀nà kan wà tí mi ò ní dá lábàá 01/01 rárá, ìyẹn ni ti ẹni tó ṣe iṣẹ́ ìjọba. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbà á síṣẹ́ kò ṣeé yí, òun ni wọ́n fi ń ṣírò ìgbà tí yóò fẹ̀yìn tì, òun náà ló wà nínú fáìlì owó ìfẹ̀yìntì. Bó ti wù kó rí, ọjọ́ yẹn ni kí NIN àti BVN tẹ̀ lé. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ tí kò mọ̀ ju ọdún lọ, kó mọ̀ pé 01/01 lè gba oṣù mọ́kànlá àti ààbọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá jẹ́ pé oṣù Kérésìmesì ni wọ́n bí i. Torí náà, kó wá oṣù rẹ̀ dáadáa kó tó kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ kí bàbá mi wá kí mi ní Amẹ́ríkà. Ṣé kí n kọ ọjọ́ páàsípọ́ọ̀tù sí fọ́ọ̀mù físà, àbí kí n sọ pé a ò mọ ọjọ́?

Ìdáhùn: Bó ṣe wà nínú páàsípọ́ọ̀tù gẹ́lẹ́ ni kí ẹ kọ ọ́. Ìtọ́ni fọ́ọ̀mù DS-160 náà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò mọ ọjọ́ tàbí oṣù rẹ̀. Inú NIN ni ọjọ́ páàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ti ń wá, ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ tún NIN ṣe kí ẹ tó sanwó páàsípọ́ọ̀tù.

Lóòótọ́, ìlànà páàsípọ́ọ̀tù àgbáyé fàyè gba ọjọ́ tí a kò mọ̀. Ní ìlà méjì tí ẹ̀rọ ń kà nísàlẹ̀ ojú ewé, 1952 nìkan máa jáde báyìí, èyí tó wà nísàlẹ̀ sì ni ti 01/01/1952:

```
52<<<<1
5201019
```

Nọ́ńbà tó kẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ fi ń yẹ ọjọ́ náà wò. Ti bàbá yín yóò dà bí ìlà kejì. Bí òṣìṣẹ́ físà bá béèrè ìdí tó fi jẹ́ 01/01, kí bàbá sọ pé ọdún nìkan ni àwọn mọ̀, kí wọ́n sì fa ìwé kóòtù onígbólóhùn mẹ́ta yẹn yọ.